Lẹ́tà gbangba sí àwọn tó ń so bátìrì ínfátà ní Kuto

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń so ínfátà ní Kuto àti káàkiri Abẹ́òkúta,

Ohun kan ló ń dùn mí tí mo fẹ́ bá yín sọ ní gbangba: bátìrì tuntun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa ń gbé sáàárín àwọn tó ti gbó, tẹ́ ẹ ó sì ní kí oníbàárà máa lọ fọkàn balẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé kan wà nítòsí pápá ìṣeré M.K.O. Abiola tí wọ́n ní kí n bá wọn wo tiwọn. Ínfátà 24 fólítì ni, pẹ̀lú bátìrì olómi mẹ́rin; ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 fólítì, 200 ámpù-wákàtí. Wọ́n so wọ́n ní síríìsì ní méjì-méjì kí fólítì lè di 24, wọ́n wá so ìlà méjèèjì pọ̀ ní párálẹ́ẹ̀lì kí ámpù-wákàtí lè di 400. Títí dé ibẹ̀, iṣẹ́ náà dára. Nígbà tó yá, bátìrì kan kú. Ẹni tí wọ́n pè ra tuntun kan, ó so ó mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ tó ti gbó, ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Kò pẹ́ tí tuntun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí arúgbó.

Ẹ wo ohun tí mítà sọ. Nígbà tí iná wà tí ṣájà ń ṣiṣẹ́, ojú ínfátà ń fi 28.8 fólítì hàn, iye tó yẹ kó jẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi mítà kan bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó gbó wà ní 15.3, tuntun wà ní 13.5. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: 28.8 náà ni. Etí méjèèjì ìlà náà nìkan ni ṣájà ń rí, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín. Èyí tó gbó ti yára kún, omi rẹ̀ ń hó, ara rẹ̀ gbóná. Tuntun ò rí 14.4 tó nílò, kò kún rárá, bátìrì tí kì í kún sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́, ojú ínfátà ní 22.4, bẹ́ẹ̀ èyí tó gbó ti já sí 10.1, ibi tí kò yẹ kó dé, nígbà tí tuntun ṣì wà ní 12.3. Nínú síríìsì, iye ámpù kan náà ló ń gba ara àwọn méjèèjì kọjá, nítorí náà èyí tó rẹ̀ jù ló ń pinnu fún gbogbo ìlà.

Ẹ óò ní oníbàárà ò lówó mẹ́rin. Mo mọ̀. Ẹ yọ èyí tó kú, ẹ dán mẹ́ta tó kù wò lábẹ́ ẹrù, ẹ mú méjì tó bára mu jù, kẹ́ ẹ so wọ́n ní síríìsì: 24 fólítì, 200 ámpù-wákàtí. Ẹ dín ámpù ṣájà kù sí ìdajì, ẹ sì sọ fún onílé pé wákàtí rẹ̀ ti dín kù. Ó sàn ju kí ẹ ná owó rẹ̀ sórí bátìrì tí ẹ fẹ́ pa.

Èkejì ni ibi tẹ́ ẹ ti ń fa waya nínú párálẹ́ẹ̀lì. Pọ́sítíìfù àti négétíìfù tó lọ sínú ínfátà, ara ìlà kìíní kan náà lẹ máa ń ti fa méjèèjì, torí pé ó sún mọ́ ògiri. Iná ìlà kejì gbọ́dọ̀ gba waya àfikún méjì kọjá kó tó jáde, ìlà kìíní ò sì gba ìkankan. Bí waya yẹn bá tín-ín-rín tàbí tí ẹnu rẹ̀ ò dì dáadáa, nínú 50 ámpù, ìlà kìíní lè máa gbé 30, kí ìkejì máa gbé 20. Ojoojúmọ́ ni ti ìkíní ń gbó ṣáájú. Ẹ fa pọ́sítíìfù láti ara ìlà kìíní, kẹ́ ẹ fa négétíìfù láti ara ìkejì, pẹ̀lú waya tó gùn bákan náà tó sì nípọn bákan náà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀ púpọ̀.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó dọ́gba, ẹ fi mítà tó ń gbá waya mú sí waya kúkúrú tó so bátìrì méjì pọ̀ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹrù wà lórí. Èyí tó lè ka iná bátìrì ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tó mọ iná NEPA nìkan kò ní sọ nǹkan kan fún yín.

Mo bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó gbowó iṣẹ́, ẹ fi mítà kan bátìrì kọ̀ọ̀kan níṣojú oníbàárà, nígbà tí ṣájà ń ṣiṣẹ́ àti nígbà tí ẹrù wà lórí, kẹ́ ẹ sì kọ iye tẹ́ ẹ rí àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i sára bátìrì náà.

Èmi ni,
Oníṣẹ́ ínfátà ẹlẹgbẹ́ yín, Kuto