Nígbà Tí Eyín Mímọ́ Bá Túmọ̀ Sí Ìyàn

Nínú ìwé wòlíì Ámósì, orí kẹrin, ẹsẹ kẹfà, gbólóhùn kan wà tí ó máa ń dá ẹni tí ó bá ń kà á ní èdè Yorùbá dúró. Ọlọ́run ń ka ìyà tí Ó ti fi jẹ Ísírẹ́lì, èkíní nínú wọn sì ni pé Ó fún wọn ní eyín mímọ́ ní gbogbo ìlú wọn. Bí ẹ bá ṣí Bíbélì Yorùbá àtijọ́, èyí tí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, «mímọ́ ehín» gan-an ni ẹ ó bá níbẹ̀. Kí ni ìyà inú eyín mímọ́?

Mo ka ìdajì ẹsẹ náà sí etí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ní àkókò tí iṣu èṣí ti tán tí tuntun kò sì tíì jáde, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí Ọlọ́run fún àwọn ènìyàn náà. Ọ̀kan ní ìlera ni. Èkejì ní ìmọ́tótó, ó sì fi ọ̀rọ̀ pákò dá wa lẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta ní ó dájú pé ìbùkún ni, nítorí pé Ọlọ́run ni ó fún wọn. Ẹ̀kẹrin kò dáhùn. Ó ní kí n ka ẹsẹ náà parí ná. Nígbà tí mo ka ìdajì kejì, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé oúnjẹ wọ́n wọn ní gbogbo ibùgbé wọn, ó ní, «Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ebi ni. Ẹni tí kò jẹun, kí ni yóò há sí i léyín?»

Bí ó ti rí nìyẹn. Àkànlò èdè Hébérù ni. Eyín tí oúnjẹ kò kàn kò lè dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá àwọn mẹ́ta ìṣáájú lẹ́bi, nítorí pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó tì wọ́n síbẹ̀. Lẹ́nu wa, ohun rere ni «mímọ́» ń tọ́ka sí: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò jalè, ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ kò ní ìkà nínú, Ẹ̀mí Mímọ́ sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí ní èdè Hébérù pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni ó fara hàn nínú Bíbélì Hébérù, nínú mẹ́rin yòókù sì ni ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ àìlẹ́bi. Ábímélékì lò ó nínú Jẹ́nẹ́sísì nígbà tí ó ń sọ pé ọwọ́ òun mọ́ nínú ọ̀ràn ìyàwó Ábúráhámù. Ámósì nìkan ni ó gbé e sórí eyín. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ náà ti rò pé ìbùkún ń bọ̀, kí ìdajì kejì tó já lù wọ́n.

Àwọn atúmọ̀ àtijọ́ pàápàá kọsẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n tú ìwé náà sí èdè Gíríìkì, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ṣáájú ìbí Jésù, kọ ohun tí ó jọ pé eyín kan wọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn bá mu ọsàn kíkan. Jerome, ẹni tí ó tú Bíbélì sí èdè Látìnì, tẹ̀ lé wọn. Ó ní eyín wọn kú tipiri. Àwọn onímọ̀ rò pé àwọn atúmọ̀ Gíríìkì ṣi ọ̀rọ̀ náà kà sí òmíràn tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ́ jọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí Jeremáyà àti Ìsíkíẹ́lì lò nínú òwe baba tí ó jẹ èso àjàrà kíkan tí eyín ọmọ sì kan. Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tí gbólóhùn yìí kò lè ṣì lọ́nà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn atúmọ̀ òde òní ń gbà bá irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀ wọ̀jà. Ọ̀nà kìíní ni títú ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, èyí tí Bíbélì Yorùbá àtijọ́ àti Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba James lò. Atúmọ̀ fi eyín sí ipò eyín, ó fi mímọ́ sí ipò mímọ́, ó sì fi ìyókù lé òǹkàwé lọ́wọ́. Ohun tí ó gbà á là nínú ẹsẹ yìí ni pé ewì ni Ámósì ń ké. Ìdajì kejì ń tún ìdajì kìíní sọ ní ọ̀nà mìíràn. Òǹkàwé tí ó bá ní sùúrù yóò rí ìtumọ̀ he níbẹ̀, bí ọ̀dọ́ kẹrin yẹn ti ṣe. Ewu rẹ̀ ni pé àwa ènìyàn a máa gé ẹsẹ. Ẹni tí ó bá gé «mo fún yín ní eyín mímọ́» kúrò lára ìyókù, tí ó fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lórí fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ti fi ègún kí ẹgbẹ́ rẹ̀ káàárọ̀, wọn yóò sì ṣe àmín.

Ọ̀nà kejì ni títú èrò sí èrò. Eugene Nida, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, ni ó là á sílẹ̀ jùlọ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1964: kí olùgbọ́ òní gbọ́ ohun tí olùgbọ́ ìgbà náà gbọ́, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ yí padà. Nípa ọ̀nà yìí, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kan sọ̀rọ̀ ikùn òfìfo, òmíràn kúkú dárúkọ ìyàn. Bí èmi yóò bá tú u bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, n óò kọ pé: Mo jẹ́ kí ìyàn mú ní gbogbo ìlú yín. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí tí yóò rò pé ìbùkún ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ti bọ́ sọnù. Ní èdè Hébérù, Ọlọ́run sọ pé Òun «fún» wọn. Ẹ̀bùn ni, ẹ̀bùn ẹ̀sín. Ní ẹsẹ kìíní orí kan náà, wòlíì ti bá àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ Samáríà wí, àwọn tí ó pè ní màlúù Báṣánì, tí wọ́n ń pàṣẹ fún ọkọ wọn pé kí wọ́n gbé ọtí wá. Ẹnu tí ó ń bèèrè náà ni a wá fún ní ẹ̀bùn yìí. «Mo jẹ́ kí» kò lè gbé ẹ̀sín yẹn. Ó tún dà bí ẹni pé ìyàn ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ tí Ọlọ́run kàn yẹ̀ fún un lọ́nà. «Mo fi ebi pa yín» le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi Ọlọ́run sí ìdí ọ̀ràn bí ti Hébérù, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kò sí nínú rẹ̀ síbẹ̀.

(Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tí ń tẹ Yorùbá láìsí àmì ohùn. Bí ẹ bá kọ «mo fi iyan ránṣẹ́ sí yín», kò sí ọmọ Ọ̀pin tí yóò sá. Ọwọ́ ni yóò lọ fọ̀, tí yóò máa bèèrè ọbẹ̀.)

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀nà kejì kò lè pa mọ́, èyí tí ó sì dùn mọ́ mi jùlọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Hébérù fi ń pe eyín ẹnu àti eyín erin. Nínú orí kẹta, Ámósì sọ pé ilé àwọn ọlọ́rọ̀ tí a fi eyín erin ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ yóò ṣègbé. Nínú orí kẹfà, ó bá àwọn tí ń sùn lórí ibùsùn eyín erin wí. Láàárín méjèèjì ni eyín mímọ́ wà. Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé èyí yọ, nítorí pé orúkọ ọ̀tọ̀ ni ó fún eyín erin. Yorùbá gbé e yọ láìlàágùn: eyín ni lẹ́nu, eyín ni lára ibùsùn. N kò lè búra pé Ámósì mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìwé náà sókè ní Yorùbá láti orí kẹta dé orí kẹfà yóò gbọ́ ọ. Títú ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ni ó dá a sí fún wa.

Ọ̀nà kẹta ni àtúnsọ, níbi tí atúmọ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé àdúgbò tirẹ̀ ni wòlíì ti wá. Eugene Peterson, ẹni tí àtúnsọ Bíbélì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì parí ní 2002, mú kí Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nípa yàrá oúnjẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù tí Òun kó gbẹ, àti ènìyàn tí ebi ń pa tí wọ́n tò de búrẹ́dì. Ará Amẹ́ríkà tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ ti to irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 1930 yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta á. Àtúnsọ Ararọ̀mí-Ọ̀pin ì bá yàtọ̀: Èmi ni mo jẹ́ kí ibi tí ẹ ń to iṣu sí ṣófo, tí ààrò yín kò rí iná, tí ẹ sì ń yá gààrí lọ́wọ́ ara yín. Mo ka èyí náà fún àwọn ọ̀dọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, «Ti ọdún yìí nìyẹn.»

Agbára àtúnsọ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ wà. Ámósì kò mọ iṣu. Bí mo bá ti fi iṣu bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ kẹfà, kí ni n óò ṣe sí ẹsẹ keje, níbi tí òjò ti dáwọ́ dúró nígbà tí ó ku oṣù mẹ́ta kí ìkórè dé? Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀, ìkórè ọkà sì ń tẹ̀ lé e nígbà ìrúwé. Ní Ọ̀pin, ọyẹ́ ni a ń mú ní ìgbà òtútù tiwọn, kò sì sí ẹni tí ń retí òjò. Ní ẹsẹ kẹsàn-án, èso ọ̀pọ̀tọ́ àti ólífì tún ń dúró dè mí. Àtúnsọ tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn kan gbọ́dọ̀ tún gbogbo ilé kọ́, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ti ń kọsẹ̀.

Àwọn agbẹ́gilére ẹkùn wa mọ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Fadá Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, George Bandele, ọmọ Areogun ará Ọ̀sì, wà lára àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́, àwọn amòye tí wọ́n wá kí Jésù sì di ọba Yorùbá lára igi. Àtúnsọ pátápátá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wo igi náà ti mọ ìtàn láti inú ìwé; kò sí ẹni tí yóò tìtorí ère lọ máa wá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní Èkìtì.

Nítorí náà, bí a bá ní kí n ka ẹsẹ yìí ní gbangba, Bíbélì àtijọ́ ni n óò kà, odindi ẹsẹ, láìgé e. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni mo ń kà á fún, n óò sọ pé ìyàn. Àtúnsọ, ẹ jẹ́ kí ó wà lẹ́nu oníwàásù, lẹ́yìn tí a bá ti ka ìwé tán, kí olùgbọ́ lè mọ ibi tí Ámósì ti dákẹ́ tí oníwàásù sì ti gba ọ̀rọ̀ sọ.