Ẹ má ka iye kúbíìtì, ẹ bèèrè iye àṣìṣe

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní lísè nígbà kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé iṣẹ́ kan ló ń polówó ẹ̀rọ kúáńtọ̀mù rẹ̀ níbẹ̀, iye kúbíìtì tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ṣáá. Ọmọ náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Pùrọ́ọ̀fù, ẹ ò rí i pé èyí ju ti àwọn yòókù lọ?"

Mi ò rí i o. Iye kúbíìtì dà bí iye orúkọ tó wà nínú ìwé kíláàsì mi. Bí mo bá ní ọmọ 60, ìyẹn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mélòó nínú wọn ló lè kàwé. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dára, iye àṣìṣe tó ń ṣe ni kó bèèrè, kó sì bèèrè bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ìbéèrè kejì yẹn ló wúlò jù, òun sì làwọn ènìyàn kì í bèèrè.

Kúbíìtì ni ohun tíńtín tí ẹ̀rọ yìí fi ń ṣe ìṣirò. Bíìtì inú tẹlifóònù yín jẹ́ 0 tàbí 1. Kúbíìtì ní tirẹ̀ lè jẹ́ àdàlù méjèèjì, títí a ó fi wò ó. Láti fi í ṣiṣẹ́, a máa ń yí i padà ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́ wa lédè Faransé láti máa pè ní pọ́ọ̀tì, bí ẹni pé ẹnu-ọ̀nà ni kúbíìtì gbà kọjá. Ìgbésẹ̀ ni n ó máa pè é níhìn-ín.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé kúbíìtì tètè máa ń gbàgbé. Ọ̀nà méjì ló ń gbà gbàgbé. Èkíní, tí wọ́n ń kọ báyìí, T1, ni iye àkókò tí kúbíìtì tó wà ní 1 fi ń já wálẹ̀ sí 0, bí omi gbígbóná inú ìkòkò ṣe ń tutù díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni T2. Ẹ fojú inú wo onílù méjì tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìlù kan náà, tí ọ̀kan wà nínú ilé tí èkejì wà ní ìta, tí wọn kò gbọ́ ara wọn. Kò sí èyí tó dáwọ́ dúró, apá kò sì ro wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá yá, ọ̀kan á ti ṣíwájú èkejì, ìlù á sì dàrú. Iye àkókò tó gbà kí ìlù tó dàrú ni T2. Kò lè ju ìlọ́po méjì T1 lọ, ó sì sábà máa ń kéré sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn àkókò wọ̀nyí bá ti gùn, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀, Sycamore ti Google, tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2019, tí kúbíìtì 53 ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. T1 àwọn kúbíìtì rẹ̀ jẹ́ bíi máíkírósẹ́kọ́ǹdì 16, ìyẹn ni pé kí a pín sẹ́kọ́ǹdì kan sí mílíọ̀nù kan, kí a mú 16 níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ lórí kúbíìtì kan ń gba nanósẹ́kọ́ǹdì 25, nanósẹ́kọ́ǹdì 1,000 ló sì wà nínú máíkírósẹ́kọ́ǹdì kan. Ẹ pín 25 sí 16,000, ẹ ó rí 16 nínú 10,000. Ṣùgbọ́n ipò 1 nìkan ló ń já wálẹ̀, bí ìdajì àkókò ni kúbíìtì sì fi ń wà níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí T1 lè bà jẹ́ nínú ìgbésẹ̀ kan jẹ́ bí 8 nínú 10,000. Iye àṣìṣe tí wọ́n wọ̀n ní tòótọ́ ńkọ́? 16 nínú 10,000 ni. Ìdajì yòókù wá láti ibòmíràn: T2, ìró tí a fi ń darí kúbíìtì tí kò bá iye tó yẹ mu gẹ́lẹ́, aládùúgbò tó ń da ẹnìkejì rẹ̀ láàmú. T1 kò lè sọ ìyẹn fún wa. Ó ń sọ ibi tí àṣìṣe kò lè kéré sí. Kò sọ ibi tó wà.

Báwo la ṣe wá ń wọn àṣìṣe fúnra rẹ̀? Ẹni kan lè ní kí a ṣe ìgbésẹ̀ kan, kí a wo èsì, kí a tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Kò lè ṣiṣẹ́, nítorí pé ojú tí a fi ń wò kò mọ́. Nínú Sycamore kan náà, kíka èsì kúbíìtì kan máa ń ṣì nígbà bíi 4 nínú 100 bí a bá ń ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi òṣùwọ̀n tó ń ṣì 4 nínú 100 rí àṣìṣe tí kò tó 1 nínú 500?

Ohun tí mo máa ń ṣe ní kíláàsì ló dáhùn rẹ̀. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fi rẹ́gìlì onígi wọn wọn bí bébà kan ṣe nípọn tó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò lè rí i. Lẹ́yìn náà mo máa ń fún wọn ní bébà 100, lẹ́yìn rẹ̀ 400. Orí rẹ́gìlì wọn sì ti jẹ, mìlímítà 2 ti sọnù lára rẹ̀. Wọ́n á ka 12 fún bébà 100, wọ́n á ka 42 fún 400. Iye méjèèjì kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì: bébà 300 jẹ́ mìlímítà 30, ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Àbùkù rẹ́gìlì ti pa ara rẹ̀ rẹ́.

Ọgbọ́n yìí gan-an ni wọ́n lò fún kúbíìtì. Ìdánwò oníkèké ni èmi ń pè é. A ó gbé kúbíìtì sí 0. A ó ṣẹ́ kèké yan ìgbésẹ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ kan tí a ti là sílẹ̀, 24 ni wọ́n fún kúbíìtì kan. Ká ní a yan 20. Kọ̀ǹpútà lásán á ṣírò ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tó lè tú gbogbo 20 náà palẹ̀, a ó fi ìyẹn parí rẹ̀. Bí kò bá sí àṣìṣe rárá, kúbíìtì gbọ́dọ̀ padà sí 0. A ó kà á, a ó tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, a ó tún kèké mìíràn ṣẹ́. Lẹ́yìn náà a ó ṣe ti ìgbésẹ̀ 50, àti ti 100.

Kí ni kèké wá fún? Ká ní ẹ̀rọ ń yí kúbíìtì kọjá ibi tó yẹ díẹ̀ nígbà gbogbo. Bí a bá ń yí i sí ọ̀tún kí a tún yí i sí òsì, àṣìṣe méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, ẹ̀rọ á sì dà bí ẹni mímọ́. Bí a bá ń yí i sí ọ̀tún ṣáá, àṣìṣe á gun orí ara wọn, á dà bíi pé ẹ̀rọ burú ju bó ṣe rí lọ. Kèké kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan ìbéèrè tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ní ìlú Boulder ní Kọlorádò tẹ ìwé jáde lórí ìdánwò yìí. Wọ́n ṣe é lára áyọ́ọ̀nù bẹrílíọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, wọ́n sì rí àṣìṣe bí 48 nínú 10,000 fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n fi iye yẹn ṣírò, kí n sì fi àbùkù kíkà kún un fúnra mi, 1 nínú 100. Láìṣe ìgbésẹ̀ kankan, a ó rí 0 nígbà 99 nínú 100. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 50, nígbà 80. Lẹ́yìn 100, bí 69. Bí gbogbo nǹkan bá bàjẹ́ pátápátá, 50 la ó rí, bí ẹni ń ta owó ẹyọ sókè. Nítorí náà, ohun tó lé lórí 50 ni ká wò: 49, lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà 19. Ní ìgbésẹ̀ 50 kọ̀ọ̀kan, bí 62 nínú 100 ohun tó wà tẹ́lẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Bí kíkà wa bá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, 49 á di 45, ṣùgbọ́n 62 yẹn kò ní yẹsẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni a ti ń yọ iye ìṣòótọ́ ìgbésẹ̀ kan. Bí àwọn àmì náà kò bá sì tò sórí ìlà kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fura: ó lè jẹ́ pé kúbíìtì ti sá kúrò ní 0 àti 1 lọ sí ipò kẹta.

Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹ̀rí mi gbè é kọjá ibi tó dé. Máàkì àárín ló ń fún wa. Ẹ̀rọ méjì lè gba máàkì kan náà, kí àṣìṣe ọ̀kan jẹ́ ti ibi gbogbo wá, kí ti èkejì jẹ́ yíyí-kọjá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nínú iṣẹ́ gidi tí kò sí kèké, ti èkejì lè gun orí ara wọn. Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù ni dídá kúbíìtì wọn. Google lo ìdánwò mìíràn tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí èyí, wọ́n sì kọ iye méjèèjì sílẹ̀, mo kan sáárá sí wọn fún un. Ìgbésẹ̀ tó so kúbíìtì méjì pọ̀ ṣe àṣìṣe 36 nínú 10,000 nígbà tí àwọn yòókù dákẹ́. Nígbà tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ó di 62.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn dà. Iṣẹ́ tó tóbi jù tí wọ́n ṣe ní ìgbésẹ̀ 1,113 lórí kúbíìtì kan-kan, 430 lórí méjì-méjì, àti kíka 53. Mo jókòó pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò mi. Apá àkọ́kọ́ fi 17 sílẹ̀ nínú 100, èkejì fi 7 sílẹ̀, kíkà fi bí 13 sílẹ̀. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, kò tó 2 nínú 1,000. Àwọn fúnra wọn kéde bí 2 nínú 1,000. Pẹ̀lú ìgbésẹ̀ tó ń tọ̀nà ju 99 nínú 100 lọ o!

Mo kọ̀wé padà sí ọmọ náà pé kó lọ wá ibi tí ilé iṣẹ́ inú fídíò yẹn kọ iye àṣìṣe wọn sí. Ó rí i. Ti kúbíìtì méjì tó dára jù ni, tí wọ́n wọ̀n nígbà tí gbogbo àwọn yòókù dákẹ́. Ti ìgbà tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kò sí níbẹ̀.