Wíwọ̀n Léraléra Kò Tún Téèpù Ṣe

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àṣà kan wà tó yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ bí ìwọ̀n wa ṣe dájú tó, a ó wọn nǹkan náà léraléra, a ó wo bí àwọn èsì ṣe jìnnà síra wọn, a ó sì ní iṣẹ́ ti parí. Irọ́ ni, kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ ká mú tábìlì kan. A fi téèpù onírin wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún, a rí 1200.5, 1201.0, 1200.0, 1200.5 àti 1201.0 mìlímítà. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 1200.6. Ìwọ̀n ìfọ́nká wọn jẹ́ 0.418, bí a bá fi √5 pín in, ó di 0.187. Irú A nìyí: àìdánilójú tí a ṣírò látinú èsì tí a wọ̀n léraléra.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé téèpù náà fúnra rẹ̀ pé? Ẹlẹ́rìí márùn-ún tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n. Téèpù tí wọ́n kọ II sí lára lè fi 0.7 mìlímítà yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ ní gígùn tó kọjá mítà kan tí kò ju méjì lọ, òfin Yúróòpù sì gbà á láàyè. Níwọ̀n bí a kò ti mọ ibi tí òótọ́ wà láàárín ààlà méjèèjì, a ó fi √3 pín 0.7, yóò di 0.404. Ojú wa náà ń kà á dé ìdajì mìlímítà. Ìdajì ìyẹn, 0.25, tí a fi √3 pín, jẹ́ 0.144. Irú B ni méjèèjì.

A kì í kàn ro wọ́n pọ̀ lásán, torí ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo wọn yẹ̀ síbì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà:

√(0.187² + 0.404² + 0.144²) = 0.47

Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, èsì wa jẹ́ 1200.6 ± 0.9 mìlímítà. Ẹni tó dúró lórí irú A nìkan yóò kọ ± 0.4, yóò sì tan ẹni tó fẹ́ gé gíláàsì sórí tábìlì náà jẹ.

Àwọn kan á ní ká wọ̀n ọ́n nígbà ọgọ́rùn-ún. Ó dáa. Bí ìfọ́nká kò bá yí padà, irú A yóò di 0.042, àpapọ̀ yóò sì kúrò ní 0.47 bọ́ sí 0.43 péré. Téèpù ló jókòó síbẹ̀. Téèpù tí wọ́n ti fi ṣe wẹ́kú pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó dájú ju tirẹ̀ lọ ló lè dín in kù.

Àwọn mìíràn ní àbá lásán ni irú B. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àjọ ISO tẹ̀ jáde ní 1993 kò gbà bẹ́ẹ̀: ọ̀nà tí a gbà ṣírò wọn ló yàtọ̀, ọ̀kan kò rẹlẹ̀ sí èkejì. Ẹni tó fo irú B náà ti dá àbá tirẹ̀: òdo ló kọ síbẹ̀. Èwo wá ni àbá lásán nínú méjèèjì?