Ó Gbà Ká Ya Fọ́tò, Kò Gbà Kí N Dárúkọ Òun

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbé ẹ̀bi fọ́tò kan kiri. Àwa mẹ́fà la wà nínú rẹ̀, a jókòó síwájú ilé, à ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Aṣọ bo gbogbo wa lára, kò sì sí ìgò ọtí nílẹ̀. Síbẹ̀ fọ́tò yẹn lé ọ̀rẹ́ mi kúrò nínú ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Èmi ni mo gbé e síta, èmi náà ni mo sì fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Pìlátò. Nígbà tí a tún pàdé ní Jọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé ọ̀rẹ́ mi yìí la ti jẹun. Ó ti sá kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Èkó nítorí lílù, ó ti búlọ́ọ̀kì ọkùnrin náà lórí Fesibúùkù, kò sì sọ ibi tó kó lọ fún ará ilé ọkọ kankan. Gbogbo wa la mọ ìtàn yìí. Nígbà tí a fẹ́ ya fọ́tò, òun gan-an ló ní ká sún mọ́ra. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé e sórí Fesibúùkù, mo táàgì gbogbo wa, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ wa gbà wá lálejò nílé rẹ̀ tuntun ní Jọ́ọ̀sì. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí “Friends” ni mo yàn, kì í ṣe “Public”. Mo rò pé àwọn ọ̀rẹ́ mi nìkan ni yóò rí i.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé táàgì máa ń ṣílẹ̀kùn. Bí èèyàn bá táàgì ẹnì kan nínú fọ́tò tó yàn fún “Friends”, àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tí a táàgì náà lè rí i, àfi bí ẹni tó gbé e síta tàbí ẹni tí a táàgì bá mọ̀ọ́mọ̀ yí ètò yẹn padà. Ọ̀rẹ́ mi ti búlọ́ọ̀kì ọkọ rẹ̀, àmọ́ kò búlọ́ọ̀kì àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, nítorí ìjà kankan kò sí láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin náà rí fọ́tò, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ìyàwó wa, ilé tuntun á tura o.” Mo gbà pé ó dá a lójú pé àdúrà lòun ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé Jọ́ọ̀sì. Pátákó ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà ní òdìkejì títì hàn ketekete lẹ́yìn wa nínú fọ́tò, kò sì ṣòro fún un láti béèrè ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò ló gba ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kó jáde.

Nígbà tó pè mí, kò pariwo. Ó ní, “Mo gbà ká ya fọ́tò. Ta ló ní kó o dárúkọ mi?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àṣẹ mẹ́ta ló wà níbi tí mo rò pé ẹyọ kan ló wà. Ẹni tó dúró fún fọ́tò ti gbà kí a ya òun. Kò tíì gbà kí a gbé e síta. Bó bá sì gbà kí a gbé e síta, kò tíì gbà kí a dárúkọ òun. Ìkẹta yìí ló wúwo jù, òun náà la sì máa ń fojú kéré jù. Láìsí orúkọ, ojú mẹ́fà láàárín ọ̀pọ̀ ojú ni wá, ẹni tó bá mọ̀ wá tó sì ṣèèṣì kan fọ́tò náà nìkan ló lè dá wa mọ̀. Orúkọ ló gbé fọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tó ṣeé ṣe kó máa wá a. Nílé wa, ìyàwó kì í ṣàdédé pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, orúkọ mìíràn ló máa ń fún wọn. A mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe gbogbo ẹnu ló lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo orúkọ.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí ó lè yọ ọ́?” Ọ̀rẹ́ mi yọ ọ́. Ó tẹ “Remove tag” ní kété tó rí i. Ohun tí ìyẹn ṣe ni pé ó gé okùn tó so fọ́tò náà mọ́ ojú ewé rẹ̀. Fọ́tò ṣì wà lójú ewé tèmi, orúkọ rẹ̀ tí mo fọwọ́ tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti ya ojú fóònù rẹ̀ pa mọ́ ti ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ètò kan tún wà tí èèyàn fi lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi táàgì han òun kó tó hàn lójú ewé òun. Ó dára láti tan án, ṣùgbọ́n ojú ewé ẹni nìkan ló ń ṣọ́. Kò dá fọ́tò náà dúró lójú ewé ẹni tó gbé e síta. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ fífọ́ ló ń fọ́.

Ṣé òfin lè gbà wá? Díẹ̀ ni. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Àmọ́ òfin kan náà yọ ohun tí èèyàn bá ń ṣe fún ara rẹ̀ tàbí fún agbo ilé rẹ̀ nìkan sílẹ̀, bí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíràn lójú. Ṣé ohun agbo ilé ni kí n dárúkọ ọ̀rẹ́ mi níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn? Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dáhùn irú ìbéèrè yìí nínú ẹjọ́ obìnrin ará Súwídìn kan tó kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìjọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó tún sọ pé ọ̀kan nínú wọn fẹsẹ̀ ṣèṣe. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí àìmọye èèyàn lè rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé mọ́. Ìdájọ́ yẹn kò de ilé ẹjọ́ tiwa, ṣùgbọ́n làákàyè rẹ̀ yé mi. Àmọ́, ta ló fẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́? Kí ìwé ẹjọ́ tó dé, ẹni tó ń wá a ti kàn án lára.

Wọ́n á tún ní a kò lè máa bi ọgọ́ta èèyàn léèrè níbi ìgbéyàwó. Òótọ́ ni. Ẹ gbé fọ́tò náà síta láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ kí a mọ òun á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́. Bó bá sì jẹ́ èèyàn mẹ́fà, ẹ bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbé e síta, kó má jẹ́ nínú àgbájọ Wasáàpù níbi tí ẹni tó bá ní “rárá” yóò ti dà bí ẹni tó ń ba ayọ̀ jẹ́. Ẹ má sì béèrè ìdí. Ọ̀rẹ́ mi sọ tirẹ̀ fún wa, àwọn tí kò lè sọ tiwọn pọ̀.

Mo ti pa fọ́tò yẹn rẹ́ lójú ewé mi. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń gbé fóònù mi, a sì ṣì ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó ń gbé báyìí, n kò sì bi í léèrè.