Owó Àbúrò Tó Wà Nínú Ilé Ẹ̀gbọ́n: Ìpè sí Àwa Ará Sábóngàrí

Ẹ̀yin ará wa ní Sábóngàrí, ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá.

Láti ìgbà tí reluwé ti dé Kánò ní nǹkan bí 1911, tí ìjọba òyìnbó sì ya àdúgbò yìí sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò, ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ìlú míì gbà dé ibí. Ẹnì kan á kọ́kọ́ wá, á ráyè, á sì ránṣẹ́ sí àbúrò. Wọn á jọ tajà, wọn á jọ kọ́lé. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí ìwé ilẹ̀, nítorí ta ni í béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀?

Nígbà tí gbogbo ẹbí ń gbé agbolé kan náà, gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó ra páànù àti ẹni tó gbẹ́ kànga. Lónìí, àwọn ọmọ wa wà ní Àbújá, ní Èkó, ní òkè òkun, pẹ̀lú ọkọ tàbí aya àti ọmọ wọn nìkan. Wọn kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ìwé ni wọ́n máa wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé oníyàrá méjìlá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n ra ilẹ̀, ó sì mọ ògiri. Àbúrò kan páànù, ó gbẹ́ kànga. Wọ́n fún àbúrò ní yàrá kan, kò sì san owó ilé fún ogún ọdún. Lójú rẹ̀, ìpín tirẹ̀ nìyẹn. Lójú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, wọ́n kàn ń ṣàánú rẹ̀ ni. Bí ẹ̀gbọ́n bá kú, àbúrò á bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, opó ẹ̀gbọ́n náà á máa gbà á, àwọn ayálégbé á sì dá owó náà dúró títí ọ̀rọ̀ á fi délé ẹjọ́. Bí ẹ bá ti rí i pé ènìyàn méjì ń gba owó ilé kan náà nígbà tí onílé ṣì wà láàyè, ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ni í jogún bàbá rẹ̀. Bí olóògbé bá bímọ, àbúrò kò ní ogún níbẹ̀, bó ti wù kó sún mọ́ ọn tó. Bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí tó fi ọmọkùnrin sáyé, òfin Ìsìláàmù náà kò fún àbúrò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n gbèsè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ san kí wọ́n tó pín ogún. Owó páànù yẹn, tó bá jẹ́ gbèsè, ó ṣíwájú ọmọ. Tó bá jẹ́ ìpín, apá yẹn kì í ṣe ti olóògbé rárá, wọn kò lè jogún rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ó ti lọ nìyẹn. Ta ló máa sọ èyí tó jẹ́, nígbà tí ẹni tó gbà á ti wà nínú sàréè?

Ẹ̀yin ìyàwó, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Òfin Ìsìláàmù fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀. Àṣà Yorùbá ní tirẹ̀ kò ka aya mọ́ ajogún ọkọ. Nípasẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi ń dúró nínú ilé. Orúkọ yín tí ọkọ sì kọ sí báńkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù kò sọ yín di ajogún. Báńkì máa béèrè ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ gíga.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé ìhágún, kó wá lọ́yà. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà kan náà, kí ẹni tí ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún má sì ṣe ẹlẹ́rìí, torí ó lè pàdánù ohun tí ẹ fún un. Kí Mùsùlùmí bi lọ́yà ní ìbéèrè kan sí i: ṣé òfin ìpínlẹ̀ òun gbà kí ìwé ìhágún yàtọ̀ sí ìpín ẹ̀sìn? Ní 1971, nínú ẹjọ́ Adésubókàn àti Yínúsà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gba ìwé ìhágún Mùsùlùmí kan tó ń gbé Àríwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tẹ̀ lé ìpín ẹ̀sìn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ṣe òfin míì láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ìwé tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pe àbúrò yín jókòó lọ́sẹ̀ yìí, kí ìyàwó àti àwọn ọmọ tó ti dàgbà wà níbẹ̀, àwọn tó wà lókèèrè kí wọ́n wà lórí fóònù. Ẹ kọ iye tó mú wá, ọdún tó mú un wá, àti bóyá ẹ̀bùn ni, gbèsè ni, àbí ìpín. Bí ẹ bá fún un ní yàrá, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i. Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ àbúrò, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyàwó, ọ̀kan lọ́wọ́ lọ́yà. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tí iná ọjà Sábóngàrí jó ìwé wọn ní oṣù Kẹta 2016 lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín.