Ẹ̀yìn Aago Ni Kí Olùrà Kọ́kọ́ Wò

Bí àwọn yunifásítì bá ti ń múra ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn tó ń ta aago ọwọ́ ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà mọ̀ pé àsìkò àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá ti dé. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́jà kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ ó fẹ́ kí ẹ̀bùn náà dán. Aago ràgàjì aláwọ̀ wúrà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà sí i, èyí tó ní aago wẹ́wẹ́ mẹ́ta nínú, tí orúkọ Rólẹ́ẹ̀sì wà lójú rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì ju owó bàtà lọ. Ojúlówó Rólẹ́ẹ̀sì tuntun kò sí lábẹ́ 5,000 dọ́là, kò sì sí ẹ̀dínwó tó lè gbé e dé orí tábìlì ẹ̀bá títì. Bí olùrà bá fara balẹ̀ wo àwọn aago wẹ́wẹ́ inú ayédèrú bẹ́ẹ̀, nígbà púpọ̀ ni yóò rí i pé ńṣe ni wọ́n ya ọwọ́ wọn mọ́ ojú aago. Wọn kò ní yí láéláé.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé owó kékeré yẹn lè ra aago gidi, bí a bá mọ ohun tí a ń wá.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Séíkò gbé aago Ásítírọ́ọ̀nù jáde ní Tókíyò ní 450,000 yẹ́ẹ̀nì, owó tó tó ra mọ́tò kékeré nígbà náà. Òkúta kúọ́ọ̀tì tíńtín tí bátìrì ń mú gbọ̀n ló ń ka àkókò nínú rẹ̀. Lónìí, irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà nínú aago olówó pọ́ọ́kú. Ó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, aago náà kì í sì í sábà yà kúrò lójú àkókò ju ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30 lọ lóṣù kan. Ẹ wá fi wé aago tí kò lo bátìrì, tó jẹ́ pé jíjù tí ọwọ́ ń jù ló ń ká a. Ẹ̀rọ 7S26 tó wà nínú ọ̀pọ̀ aago Séíkò 5 lè fi ìṣẹ́jú àáyá 40 yára lójúmọ́ kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é má sì kà á sí àìsàn. Irú aago yẹn wuni, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì ṣìwà hù, ṣùgbọ́n owó títún un ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó aago tuntun. Ọmọ tí kò tíì gba owó oṣù kọ́ ló yẹ kí a gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí olùrà béèrè aago bátìrì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ fún aago wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi Kásíò, Séíkò tàbí Sítísìn. Lẹ́yìn náà, kó yí i padà. Ojú aago ni wọ́n fi ń tajà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òótọ́ sábà máa ń wà.

Ohun méjì ló yẹ kó kà níbẹ̀. Èkíní ni irin. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yìn nìkan ni irin tí kì í dípẹtà, ó ṣeé ṣe kí ara aago tó kù jẹ́ idẹ tàbí irin gbẹ̀fẹ́ tí wọ́n fi kúròmù tàbí omi wúrà pa lára. Òógùn kì í fi irú rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, etí rẹ̀ tó ń fara kan ọrùn ọwọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bó, idẹ pupa rẹ́súrẹ́sú á yọjú, awọ ara lè máa yún ẹni tó wọ̀ ọ́, nígbà mìíràn á sì fi àmì àwọ̀ ewé sí i lára. Bí ó bá jẹ́ pé irin tí kì í dípẹtà ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ láìfi ẹ̀yìn nìkan há a mọ́.

Èkejì ni omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí “30 mítà”, wọ́n sì rò pé aago náà lè bá wọn wọ odò. Rárá o. Ìtẹ̀ tí wọ́n fi dán an wò ní ilé-iṣẹ́, nígbà tí rọ́bà inú rẹ̀ ṣì tuntun, ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ẹni tó wọ 30 mítà lè fọwọ́, òjò sì lè kàn án. 50 mítà lè fara da ìwẹ̀ odò díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn omi dáadáa ni kó wá 100. Bí kò bá sí nọ́ńbà kankan, kí a kà á sí aago tí omi lè ta sí nìkan.

Ká ní 40,000 náírà ni àbúrò ìyá kan ní Ìbàdàn yà sọ́tọ̀ fún ọmọ tó fẹ́ẹ́ lọ sìnrú ìlú. Ọmọ náà yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní bùdó, níbi tí wọ́n ti ń jí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa lọ sí ọ́fíìsì. Èrò tèmi ni pé kí ó kọ́kọ́ wá aago ọlọ́wọ́ mẹ́ta tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, tí omi 50 mítà kò dẹ́rù bà, tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 40 lọ. Bí owó kò bá ká a, kó má sọ̀ kalẹ̀ sórí idẹ aláwọ̀ wúrà. Kásíò F-91W ni kó rà. Ó ti wà lọ́jà láti 1989, kò wúwo ju gíráàmù 21 lọ, ó ní iná àti ìdágìrì tó ń jí ènìyàn, bátìrì rẹ̀ sì ń lò tó ọdún méje. Rọ́bà ni ara rẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ kò díbọ́n pé òun jẹ́ ohun mìíràn. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Kí olùrà yẹ ẹ̀yìn wò bóyá 593, nọ́ńbà ẹ̀rọ inú rẹ̀, wà níbẹ̀, kó sì di bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ojúlówó yóò kọ CASIo sójú. Àwọn ayédèrú kan ti kọ́ ìyẹn náà, nítorí náà kó wo méjèèjì pọ̀.

Kí ó tó sanwó fún ọlọ́wọ́ mẹ́ta, kó fa orí kékeré ẹ̀gbẹ́ aago jáde, kó gbé aago sí agogo mẹ́fà gééré. Ọwọ́ gígùn àti kúkurú gbọ́dọ̀ dúró lójú ìlà kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá wọ́, ẹni tó tò ó kò fara balẹ̀.

Bí ọmọ náà kò bá sí nítòsí, ẹnì kan nílé lè fi rúlà wọn ìbú òkè ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lójú oorun. Bí ó bá jẹ́ mílímítà 50, aago tó gùn ní 45 láti ìdí okùn òkè dé ìdí okùn ìsàlẹ̀ yóò jókòó dáadáa. Èyí tó yọ kọjá ọwọ́ máa ń fi wọ̀ńjàwọ́njà hàn, iye yòówù kí wọ́n rà á.

Nínú 40,000 yẹn, kí díẹ̀ ṣẹ́ kù fún bátìrì. Nígbà tó bá kú, kí alátùn-únṣe fi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi SR bẹ̀rẹ̀ sí i. Èyí tó fi LR bẹ̀rẹ̀ rọjú, ó sì lè wọ ibẹ̀ rẹ́gí, àmọ́ kì í pẹ́, ó sì lè jò sínú ẹ̀rọ. Bí ṣéènì bá gùn jù, kí wọ́n yọ oríkèé ṣéènì tó pọ̀jù, kí wọ́n sì dá àwọn tí wọ́n yọ padà sínú páálí aago, torí ọwọ́ ọmọ ọdún 22 ṣì lè sanra.