Abẹ́rẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ kò tíì kúrò lọ́rùn rẹ

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tí a fi gún ara wa tán nílé, àti oògùn tó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan wà nínú ìjọ wa tó ní àtọ̀gbẹ. Ínsúlínì ni wọ́n ń gún láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn ìsọjí kan, Mama jẹ́rìí pé ara àwọn ti yá. Wọ́n di oògùn àti abẹ́rẹ́ wọn sínú náílọ̀n dúdú, wọ́n gbé e wá síwájú pẹpẹ. Gbogbo wa pariwo Halelúyà! Mo gba náílọ̀n náà, mo ní kí ọmọkùnrin kan lọ dà á sí ààtàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà kò tíì dé ibẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kan fi yọ lára náílọ̀n, tó gún un ní itan.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe lọ́jọ́ náà. Èkíní ni pé mo gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tí dókítà kò tíì yẹ̀ wò. Kò pẹ́ tí ṣúgà Mama fi gòkè, tí wọ́n ń bì, tí a sì sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n yè é. Adẹ́tẹ̀ tí Jésù wò sàn nínú Mátíù orí 8, Jésù alára ló ní kó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà. Tí o bá rí ìwòsàn, lọ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà ló máa sọ ìgbà tí o máa dá ínsúlínì dúró, kì í ṣe pásítọ̀.

Àṣìṣe kejì ni náílọ̀n. A fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún ọmọ náà. A kò fún un, a kò fi ẹnu fà á, a kò da ògógóró sí i, nítorí gbogbo ìyẹn kì í ṣèrànwọ́. A gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, Mama náà sì gbà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Oògùn tí wọ́n fi ń dènà kòkòrò éèdì lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yára ran ènìyàn jù ni àrùn ẹ̀dọ̀ hẹpatáítìsì B. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ méje lórí ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí. Àyẹ̀wò Mama àti ti ọmọ náà dára, ṣùgbọ́n kí èsì yẹn tó jáde, èmi pásítọ̀ yín kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oorun.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò o. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, 60 ni tiẹ̀ lóṣù kan. Lọ́dún kan, ó ti lé ní 700. Níbo ni wọ́n ń lọ? Inú náílọ̀n, ààtàn, ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan ní àwọn ń sun ún. Tí o bá sun ún nílé, ike rẹ̀ ló máa yọ́, irin rẹ̀ kò ní jóná. Inú eérú ló máa wà, èèyàn á sì kó eérú náà lọ sí oko ẹ̀fọ́.

Ohun tí Mama ń ṣe báyìí nìyí. Wọ́n wá ike líle tó ní ìdérí, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ọṣẹ olómi tàbí òróró ọkọ̀, wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́. Ike omi mímu kò dára, ó fẹ́lẹ́, abẹ́rẹ́ máa ń gún un yọ. Wọ́n kọ “ABẸ́RẸ́ NI, MÁ ṢÍ I” sí i lára, wọ́n sì gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò dé. Bí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ tán, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń jù ú sínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ níwájú. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́, wọn kì í ṣẹ́ ẹ, wọn kì í sì wá ìdérí rẹ̀ kiri láti dé e padà, torí ibi ìdépadà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gún ara wọn lọ́wọ́. Tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n á dé e pa, wọ́n á fi téèpù wé e.

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní sẹ́ńtà ìlera tó sún mọ́ ọ bóyá wọ́n máa gbà á. Wọ́n ní àpótí páálí tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, kì í ṣe ohun àjèjì sí wọn. Tí wọn kò bá gbà á, po sìmẹ́ńtì àti yanrìn, dà á sínú ike náà títí yóò fi bo àwọn abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, jẹ́ kó gan, kí o wá rì í mọ́lẹ̀ dáadáa níbi tó jìnnà sí kànga.

Oògùn tó ṣẹ́kù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí: oògùn apakòkòrò oníyẹ̀fun tí ẹ fi omi pò fún ọmọ, kì í lò ju ọjọ́ 7 sí 14 lọ bí páálí rẹ̀ bá ṣe wí, kódà bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìgò rẹ̀ ṣì ku ọdún méjì. Ọjọ́ tí omi ti kàn án ni òǹkà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi pamọ́ de àbúrò rẹ̀.

Ẹ má da oògùn sí ṣáláńgá, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má dà á sí odò Erinlẹ̀. Nínú ọgbà wa, kànga àti ṣáláńgá kì í jìnnà síra, omi tí a ń fà sì ni a ń mu. Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ apòògùn bóyá ó lè gbà á. Tí kò bá gbà á, yọ oògùn kúrò nínú páálí, má lọ̀ ọ́, pò ó mọ́ eérú tàbí iyẹ̀pẹ̀ tó rin, kí ọmọdé tàbí ẹran má baà rí i jẹ. Dì í sínú náílọ̀n, so ó pinpin, kó tó lọ pẹ̀lú pàǹtí. Ya páálí rẹ̀, kí o sì ha orúkọ ara ìgò rẹ̀ kúrò, kí ẹni tó ń ṣa ike má baà rí ohun tí yóò tún fi ta ayédèrú fún ẹlòmíràn.

Ìpinnu ìjọ wa nìyí: a kò ní gba oògùn tàbí abẹ́rẹ́ níwájú pẹpẹ mọ́. Mo sì ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti Orólù pé kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo sẹ́ńtà ìlera wọn máa gba ike abẹ́rẹ́ láti ilé. Àpótí ti wà, ibi tí wọ́n ń kó o lọ ti wà. Kí ni ó kù?

Nínú Diutarónómì 22 ẹsẹ 8, Ọlọ́run ní kí ẹni tó kọ́ ilé ṣe ìgbátí sí òrùlé rẹ̀, kí ẹnì kan má baà já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà wà lórí ilé náà. Ike líle yẹn ni ìgbátí tiwa. Ọmọ tó gbé náílọ̀n lọ́jọ́ yẹn ti di géńdé báyìí. Tí mo bá rí i nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo máa ń rántí.

Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí kọ́bọ́ọ̀dù yín lálẹ́ òní. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀. Olúwa á pa gbogbo ilé wa mọ́. Àmín.